Ìlà Wo Ni Àṣìṣe Ti Wọlé? Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Máàkì Álíjébírà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ bírò pupa ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn, kí ó lè mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, iwájú nìkan ni a máa ń wò bí a bá ń máàkì álíjébírà. A ó sáré lọ sí ìlà ìkẹyìn, a ó rí i pé ìdáhùn ọmọ kò bá tiwa mu, a ó fi bírò fa ìlà dábùú gbogbo iṣẹ́ náà, a ó kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ìwé ẹlòmíràn. Ọmọ náà yóò gba ìwé rẹ̀ padà, yóò rí òdo, ṣùgbọ́n kò ní rí òkúta tí ó gbé e ṣubú. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, orí òkúta kan náà ni yóò tún kọsẹ̀ sí.

Èrò tiwa ni pé a kò tíì máàkì iṣẹ́ álíjébírà rárá, àfi bí a bá fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́ gan-an tí iṣẹ́ ọmọ ti yà kúrò ní ojú ọ̀nà. Ìlà kan ṣoṣo ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, àmì kan ṣoṣo nínú ìlà náà ni. Ọ̀nà láti rí i kò le, kò sì gba kí olùkọ́ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣirò kan, kí a jọ tẹ̀ lé e.

A ní kí àwọn ọmọ wá iye x nínú èyí, ọmọ kan sì ṣe é báyìí:

Ìlà 1: (x + 3)/2 − (x − 1)/3 = 4
Ìlà 2: 3(x + 3) − 2(x − 1) = 24
Ìlà 3: 3x + 9 − 2x − 2 = 24
Ìlà 4: x + 7 = 24
Ìlà 5: x = 17

Ìdáhùn tí ó tọ́ ni 13. Ẹni tí ó bá ń wo ìlà ìkẹyìn nìkan yóò kọ òdo. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé bírò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni ìlà kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ yìí ń sọ?

Àmì ìdọ́gba dà bí òṣùwọ̀n tí apá méjèèjì rẹ̀ wà ní ọgbọọgba. Ìlà 1 ń sọ pé nọ́ńbà kan wà, bí a bá fi í sí àyè x, apá òsì àti apá ọ̀tún yóò dọ́gba. Gbogbo ìlà tí ó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ nìkan ni ó ń yí padà, láti orí èyí tí ó lọ́jú pọ̀ dé orí èyí tí ó hàn kedere. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ó bá mú Ìlà 1 dọ́gba gbọ́dọ̀ mú Ìlà 2 dọ́gba, kí ó sì mú Ìlà 3 dọ́gba, títí dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá ti kọ́kọ́ kọ̀ láti dọ́gba, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a gbé 13 sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ní Ìlà 1, 13 àti 3 jẹ́ 16, a pín in sí méjì, ó di 8. A yọ 1 kúrò nínú 13, ó ku 12, a pín in sí mẹ́ta, ó di 4. A yọ 4 kúrò nínú 8, ó ku 4. Ó dọ́gba. Ní Ìlà 2, ìlọ́po mẹ́ta 16 jẹ́ 48, ìlọ́po méjì 12 jẹ́ 24; a yọ 24 kúrò nínú 48, ó ku 24. Ó dọ́gba. Ní Ìlà 3, 39 àti 9 jẹ́ 48; a yọ 26, ó ku 22; a tún yọ 2, ó ku 20. Apá ọ̀tún ń wí pé 24, apá òsì ń wí pé 20. Òṣùwọ̀n ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àárín Ìlà 2 àti Ìlà 3 ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọmọ náà ń tú àkámọ́. Bí ẹ bá wo ibẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ó tú 3(x + 3) bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé −2(x − 1), ó kọ −2x − 2 dípò −2x + 2. Àmì tí ó gbẹ̀yìn nìkan ni ó ṣì kọ.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè lò ó láìtíì mọ ìdáhùn tòótọ́. Dípò kí ó gbé 13 sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, kí ó gbé 17 tirẹ̀ gòkè láti ìsàlẹ̀. Ní Ìlà 4, 17 àti 7 jẹ́ 24, ó dọ́gba. Ní Ìlà 3, 51 àti 9 jẹ́ 60, a yọ 34, ó ku 26, a yọ 2, ó ku 24, ó dọ́gba. Ní Ìlà 2, ìlọ́po mẹ́ta 20 jẹ́ 60, ìlọ́po méjì 16 jẹ́ 32, a yọ ọ́, ó ku 28. Kò dọ́gba mọ́. Ẹ wò ó bí ó ti rí: 13 sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó dúró sí ẹnu Ìlà 3, 17 gòkè láti ìsàlẹ̀, ó dúró sí ẹnu Ìlà 2. Ojú ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti pàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀kan náà ni lílọ sókè àti sísọ̀ kalẹ̀ yìí ń ṣe. Nọ́ńbà tòótọ́ tí a gbé sọ̀ kalẹ̀ ń fi àṣìṣe àkọ́kọ́ hàn wá. Ìdáhùn ọmọ tí a gbé gòkè ń fi àṣìṣe ìkẹyìn hàn. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, a lè gbà pé àṣìṣe kan ni ó wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá pàdé, àṣìṣe ju ọ̀kan lọ. Ká ní ọmọ mìíràn ṣe bákan náà dé Ìlà 4, x + 7 = 24, ṣùgbọ́n tí ó wá gbé 7 kọjá láìyí àmì rẹ̀ padà, tí ó kọ x = 31. Bí a bá gbé 31 gòkè, ojú ẹsẹ̀ ni yóò kọ̀ ní Ìlà 4, nítorí 31 àti 7 jẹ́ 38. Bí a bá gbé 13 sọ̀ kalẹ̀, Ìlà 3 ni yóò ti kọ̀. Àṣìṣe méjì ni ọmọ yìí ní, ó sì yẹ kí a fi ìkíní hàn án kí a tó fi ìkejì hàn án, nítorí pé títí tí a ó fi tún ìkíní ṣe, kò sí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìṣirò tí a fún un.

Ẹ tún wo ọmọ kẹta. Òun náà kọ 3x + 9 − 2x − 2 = 24 ní Ìlà 3. Ní Ìlà 4, ó ro 9 àti 2 pọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti yọ ọ́, ó kọ x + 11 = 24. Ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 13! Ẹni tí ó bá wo ìlà ìkẹyìn nìkan yóò fún un ní gbogbo máàkì, yóò sì fún ọmọ àkọ́kọ́ ní òdo, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan, ti ọmọ kẹta jẹ́ méjì, èkejì kàn pa ìkíní mọ́lẹ̀ ni. Ǹjẹ́ a lè sọ pé a ṣe ẹ̀tọ́ láàárín àwọn ọmọ méjèèjì yìí? Èyí ni ó mú wa sọ pé ìdáhùn tí ó tọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ tọ́. Ìlà 3 ni kí 13 ti tú ọmọ kẹta fó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlà 4 àti Ìlà 5 dọ́gba.

Nígbà tí a bá ti rí ìlà náà, iṣẹ́ kù. Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọmọ fi kọ ohun tí ó kọ. Ní ọdún 1978, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, John Seely Brown àti Richard Burton, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà. Wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń ṣì í kì í ṣì í bí ẹni tí ń ta ayò láìwojú ọpọ́n. Òfin kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òfin náà ni kò tọ́. Ọmọ tí ó bá kọ pé 52 − 38 jẹ́ 26 kò kọ ọ́ láti inú òfuurufú. Ó yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó tóbi ní ipò kọ̀ọ̀kan: 2 kúrò nínú 8, 3 kúrò nínú 5. Bí a bá fún un ní irú rẹ̀ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ọmọ wa tí ó kọ −2x − 2. Ohun mẹ́ta ni ó lè fa èyí. Ó lè jẹ́ pé ìkánjú ni. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbọ́ pé ìyọkúrò tí a fi sọ ìyọkúrò di púpọ̀ yóò ṣì jẹ́ ìyọkúrò. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ èyí dáadáa, ṣùgbọ́n ó rò pé nọ́ńbà 2 nìkan ni ó ń wọ inú àkámọ́, kí àmì ìyọkúrò tí ó ṣáájú rẹ̀ dúró síta. Ìbéèrè kúkúrú méjì ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí a kọ́kọ́ ní kí ó tú 10 − 3(x − 2). Bí ó bá kọ 10 − 3x + 6, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkánjú ni ti àkọ́kọ́, kí a kìlọ̀ fún un kí a sì máa lọ. Bí ó bá tún kọ 10 − 3x − 6, kí a bi í pé, “Èló ni (−3) × (−2)?” Bí ó bá dáhùn pé, “6 ni, sà,” ó mọ òfin àmì, inú àkámọ́ ni kò mọ̀ bí a ṣe ń gbé e wọ̀. Bí ó bá dáhùn pé −6 ni, ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó nílò, ẹ̀kọ́ náà sì ti ṣáájú àkámọ́.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ lójú tiwa ni ti àkámọ́, ọjà sì ni ibi tí ó rọrùn jù láti gbà ṣàlàyé rẹ̀. Kí a bi ọmọ náà pé: ìyá rẹ mú náírà 2,000 lọ sí ọjà. Ó ra iṣu náírà 1,200, oníṣu sì fún un ní ẹ̀dínwó náírà 200. Èló ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí ọmọ wa tí yóò ṣi èyí. Ìyá san 1,000, ó ku 1,000. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí a ó rí ni 2,000 − (1,200 − 200). Ní báyìí, kí a ní kí ó tú àkámọ́ náà bí ó ti tú ti ìṣirò: 2,000 − 1,200 − 200, ìyẹn 600. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, “Ó ti o, oníṣu ti gba ẹ̀dínwó padà, ó tún gba irú rẹ̀ lé e!” Ẹ̀dínwó ni a yọ kúrò nínú gbèsè, nítorí náà ó ń padà sínú àpò wa ni. Ìdí nìyí tí ìyọkúrò tí ó wà nínú àkámọ́ fi ń di àròpọ̀ nígbà tí ìyọkúrò bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máàkì wá ńkọ́? Nínú iṣẹ́ ọmọ àkọ́kọ́, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó wà láti Ìlà 1 dé Ìlà 5. Ó gba ìkíní, ó ṣi ìkejì, ó gba ìkẹta àti ìkẹrin, nítorí pé láti orí 3x + 9 − 2x − 2 = 24, ohun tí ó tẹ̀ lé e gan-an ni ó kọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ṣẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni kí a jẹ ẹ́ níyà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fi bírò yí àmì tí ó ṣì kọ yẹn po, kí a fi máàkì kan lọ, kí a sì fi ojú ohun tí ọmọ náà kọ wo ìyókù. Ṣùgbọ́n ààlà wà fún àánú yìí. Bí àṣìṣe náà bá sọ ìṣirò di yẹpẹrẹ, bí àpẹẹrẹ tí x² bá dàwátì sọ́nà tí ó wá ku x nìkan, ọmọ náà kò ṣe iṣẹ́ tí a fún un mọ́, a kò sì lè san owó iṣẹ́ tí a kò ṣe fún un.

Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ yìí náà ní ibi tí kò lè dé, kò sì yẹ kí a fi í pa mọ́. Ẹ wo ọmọ tí a fún ní x² = 5x, tí ó fi x pín apá méjèèjì, tí ó kọ x = 5. Bí a bá gbé 5 sọ̀ kalẹ̀ tàbí tí a gbé e gòkè, gbogbo ìlà ni yóò dọ́gba, yóò dà bí ẹni pé kò sí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjì ni ó mú ìlà àkọ́kọ́ dọ́gba, 5 àti 0. Òdo ni ó jábọ́ lọ́nà, nítorí pé a kì í fi òdo pín nǹkan. Nítorí náà, bí ìṣirò bá ní ìdáhùn méjì, àwọn méjèèjì ni kí a gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, bí iṣẹ́ náà kò bá ní àmì ìdọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé a ní kí ọmọ tú (x + 3)² ni, a lè fi nọ́ńbà èyíkéyìí sí àyè x, àbájáde ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ má ṣe lo òdo. Ọmọ tí ó kọ x² + 9 yóò là pẹ̀lú òdo, nítorí 9 ni méjèèjì. Ẹ fi 5 sí i: òkè jẹ́ 64, ìsàlẹ̀ jẹ́ 34, àṣírí ti tú. Bákan náà ni kí a yẹra fún 1 àti 2, nítorí 1 kò yàtọ̀ sí 1 × 1, ìlọ́po méjì 2 sì bá 2 × 2 dọ́gba, wọ́n máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Wọn yóò ní, “Kíláàsì mi kún fọ́fọ́, ìwé tí mo ń gbé lọ sílé lálẹ́ ju agbára mi lọ, níbo ni mo ti fẹ́ rí àyè gbé 13 sọ̀ kalẹ̀ nínú ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan?” Òótọ́ ni, ẹgbẹ́ wa kò sì ní dákẹ́ lórí iye ọmọ tí a ń kó sí kíláàsì kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ náà ṣe. Bí a bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tí a mọ̀ pé tíìṣà tí ó ń lo 13 yóò rí 24 ní Ìlà 2, ojú yóò ti mọ́ ọn, ìwé kan kò ní gba àkókò púpọ̀. Bí iṣẹ́ bá gùn dé ìlà mẹ́jọ, kí a kọ́kọ́ dán ìlà kẹrin wò. Bí kò bá dọ́gba, àṣìṣe wà lókè rẹ̀. Bí ó bá dọ́gba, kí a lọ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a rántí ọmọ kẹta tí àṣìṣe rẹ̀ méjèèjì pa ara wọn mọ́lẹ̀, kí a tún fojú wo òkè fìrí.

Èyí tí ó tún dín iṣẹ́ kù jù ni pé kí a kọ́ àwọn ọmọ láti máa gbé ìdáhùn tiwọn gòkè kí wọ́n tó fi ìwé sílẹ̀ fún wa. Kí wọ́n fi nọ́ńbà sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má ṣe ju ohun kan ṣoṣo lọ nínú ìlà kan, nítorí bí ọmọ bá tú àkámọ́, tí ó kó nǹkan jọ, tí ó sì gbé nǹkan kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, a lè mọ ìlà tí ó ti ṣubú, a kò ní mọ òkúta tí ó gbé e ṣubú. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ wò ó bóyá Ìlà 1 bá ohun tí ó wà lórí pátákó mu, nítorí ọmọ tí ó da 3 kọ bí 8 yóò rí i pé gbogbo ìlà dọ́gba, síbẹ̀ ìṣirò ẹlòmíràn ni ó ṣe.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Nínú ìwé tí ẹ ó máàkì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ìbéèrè kan péré. Ẹ má ṣe fa ìlà dábùú iṣẹ́ ọmọ kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá ìlà àkọ́kọ́ tí kò dọ́gba, ẹ yí i po, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìlà náà sí ibi tí òdo ìbá wà. Ọmọ tí ó bá rí “Ìlà 3” nínú ìwé rẹ̀ ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.